Agogo Iná Ilé Ìwòsàn: Ọjọ́ Tí Wáyà Bá Já Ni Ká Ṣírò Fún

Nígbà tí iná bá sọ ní ọ́fíìsì, oníkálùkù á sáré jáde. Ní wọ́ọ̀dù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò lè dìde, ọmọ tó wà lórí ọ́síjìn kò ṣeé gbé sáré. Àwọn nọ́ọ̀sì ní láti mọ yàrá tí èéfín ti ń jáde gan-an, kí wọ́n lè ti bẹ́ẹ̀dì àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ lọ sí apá ilé tí ilẹ̀kùn iná ti pín sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ilé ìwòsàn fi ń lo ẹ̀rọ ìkìlọ̀ iná aláàdírẹ́ẹ̀sì: gbogbo aṣọ́èéfín ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì á sì kọ orúkọ yàrá náà jáde.

Wáyà kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn pọ̀. Ó kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì, ó lọ yí ilé ká, ó sì padà sídìí pánẹ́ẹ̀lì kan náà. Lúùpù ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá já níbì kan, iná á máa gba apá méjèèjì wọlé, kò sì sí ohun tí yóò kú. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n òun náà ló ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, nítorí lúùpù tí wọn kò ṣírò dáadáa lè dá bí ẹni pé ó pé fún ọdún púpọ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ yóò wà la ó kọ́kọ́ yanjú, torí iye ẹ̀rọ ló ń sọ iye iná tí wáyà yóò gbé. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BS 5839-1 sọ pé ibikíbi nínú yàrá kò gbọdọ̀ jìnnà sí aṣọ́èéfín ju mítà 7.5 lọ, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí aṣọ́ooru ju mítà 5.3 lọ. Ẹ jẹ́ ká mú wọ́ọ̀dù tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10. Bí a bá pín in sí méjì, tí a fi aṣọ́èéfín kọ̀ọ̀kan sí àárín ìdajì kọ̀ọ̀kan, igun tó jìnnà jù yóò jẹ́ mítà 7.1 sí i. Méjì tó.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń tan ènìyàn. Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò fẹ̀ ju mítà 2 lọ, ìlànà gbà kí aṣọ́èéfín méjì jìnnà síra ní mítà 15, nítorí náà méjì á tó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ mítà 30. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì ń gbà kọjá sábà máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fẹ̀ ní mítà 2.4, a gbọ́dọ̀ ka igun rẹ̀ mọ́ ọn, aṣọ́èéfín kan kò sì lè ṣọ́ ju mítà 14.8 lọ nínú gígùn rẹ̀. Méjì á ṣọ́ mítà 29.6, igun á ṣẹ́ kù. Mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ní ilé ìdáná àti ibi tí wọ́n ti ń fi ooru omi pa kòkòrò lára irinṣẹ́, aṣọ́ooru ló yẹ, nítorí oruku omi máa ń jẹ́ kí aṣọ́èéfín ké lásán, nọ́ọ̀sì tó bá sì ti gbọ́ igbe asán lemọ́lemọ́ kò ní yára dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé a ti ya gbogbo ilé náà báyìí, tí a sì rí aṣọ́èéfín àti aṣọ́ooru 80, bọ́tìnnì pàjáwìrì 8, àti agogo 36. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 124. Pánẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ lò gba àdírẹ́ẹ̀sì 126 lórí lúùpù kan. Ó wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń dúró síbẹ̀.

Ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi ránṣẹ́ sọ pé aṣọ́ àti bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ mílíámù 0.4, agogo kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ mílíámù 10 nígbà tó bá ń ké. Nígbà tí ilé bá dákẹ́, àwọn 88 àkọ́kọ́ ń jẹ mílíámù 35 péré. Nígbà tí iná bá sọ, gbogbo agogo á ké, àpapọ̀ á sì di mílíámù 395.

Wáyà náà gùn ní mítà 900, ó nípọn ní 1.5 mm². Òwú bàbà tó nípọn báyìí ní óòmù 12.1 nínú kìlómítà kan. Iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì la ó kà á:

```
2 x 0.9 x 12.1 = 21.8 Ω
15 x 0.2 = 3.0 Ω
0.395 x 24.8 = 9.8 V
24 - 9.8 = 14.2 V
```

Ìlà kejì jẹ́ ti áísólétọ̀ 15, ìyẹn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń gé apá tí wáyà ti kan ara wọn kúrò kí ìyókù má baà kú. Kọ̀ọ̀kan wọn ní óòmù 0.2. Fóòtì 24 ni ohun tó kéré jù tí pánẹ́ẹ̀lì yìí ń fún lúùpù. A ṣírò bí ẹni pé wáyà já lẹ́gbẹ̀ẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, tí iná ń gba apá kan ṣoṣo, tí gbogbo ẹrù sì wà ní òpin ọ̀nà. Fóòtì tó dín kù gan-an lè má tó bẹ́ẹ̀, torí ẹrù náà tàn ká, ṣùgbọ́n ìhà yìí ló yẹ ká ti ṣọ́ra. Ẹ̀rọ wọ̀nyí nílò fóòtì 17. Fóòtì 14.2 kò tó.

Ẹlòmíràn á ní ká lo wáyà 2.5 mm², tó ní óòmù 7.41 nínú kìlómítà kan. Òpin ọ̀nà á wá ní fóòtì 17.5. Ó yege lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru 20°C ni a fi wọn óòmù yẹn. Lábẹ́ òrùlé páànù, níbi tí síìlìn lè gbóná dé 40°C, óòmù bàbà á pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 8 nínú 100, fóòtì á sì bọ́ sí 17.1. Àdírẹ́ẹ̀sì méjì péré ló ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá fi agogo kan kún un lọ́dún tó ń bọ̀, òpin ọ̀nà á bọ́ sábẹ́ fóòtì 17.

Pípín ló dára jù. Lúùpù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 500, ó ní ẹ̀rọ 62 àti áísólétọ̀ 8, wáyà 1.5 mm² kan náà. Mílíámù ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 198, fóòtì tó dín kù á jẹ́ 2.7, òpin ọ̀nà á sì ní 21.3. Àdírẹ́ẹ̀sì 64 ṣì ṣófo lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wọ́ọ̀dù tuntun.

Lúùpù tí ẹrù pọ̀ jù fún kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó dákẹ́, nítorí mílíámù 35 kò lè ni wáyà lára. Ọjọ́ tí agogo bá ké ni àwọn tó wà ní òpin ọ̀nà á máa ké wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí pánẹ́ẹ̀lì á sì máa sọ pé òun kò rí àwọn aṣọ́èéfín kan mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kọngílá, ẹ má fọwọ́ sí ìwé nítorí pé iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ ní kí wọ́n yọ apá kan lúùpù kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo agogo ké, kí wọ́n sì fi mítà wọn fóòtì lẹ́nu wáyà tí wọ́n yọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe apá kejì. Bí iye náà bá kéré sí èyí tí ìwé ẹ̀rọ béèrè, iṣẹ́ náà kò tíì parí.