Fọ́tò Tí Kò Bó Ara: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ta Ìpara àti Ọṣẹ Lórí Instagram

Ìpara tí kò ní èròjà abóra kankan nínú lè dà bí èyí tó ń bó ara, bí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n yà. Fóònù ló fà á. Fúnra rẹ̀ ló máa ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí fọ́tò nílò, bí ojú adúláwọ̀ bá sì gba iwájú kámẹ́rà rẹ̀ kan, ó máa ń ṣe bí ẹni pé ibi tó ṣókùnkùn ló ń yà, á wá bù kún ìmọ́lẹ̀ náà. Báyìí ni ọmọge tó dúdú bíi kóró iṣin ṣe ń pupa nínú fọ́tò. Oníbàárà á wò ó, á ní, “Áà, abóra ni wọ́n ń tà níbí o,” á sì kọjá lọ.

Ìfura yẹn ní ìdí. Ìpara abóra kún ọjà, NAFDAC kò sì yé kìlọ̀ nípa mákúrì tí àwọn kan ń pò mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tí ọjà tirẹ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí fọ́tò rẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ká sọ pé obìnrin kan ń ta òrí àti ọṣẹ dúdú ní Bódìjà, n’Íbàdàn. Kò nílò kámẹ́rà olówó ńlá. Kí ó gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò tàn wọ̀ tààrà, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá òwúrọ̀, kí ó sì pa gílóòbù inú yàrá. Bí gílóòbù bá ń tàn pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èkejì á funfun. Páálí funfun kan tí ẹnìkan dì mú ní ẹ̀gbẹ́ kejì á da ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú ẹni tí wọ́n ń yà, òjìji abẹ́ imú àti àgbọ̀n á sì dínkù.

Lẹ́yìn èyí, kí ó fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kékeré kan á yọ. Kí ó fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ tó wà nínú fóònù yóò fi bá ti ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ mu. Ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ pé ó ti tọ́ rọrùn: kí ó gbé fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni náà gan-an, kí ó sì wo méjèèjì pọ̀. Bí páálí funfun náà bá hàn nínú fọ́tò tó sì dà bí èyí tí wọ́n rẹ sínú epo, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò dára, kí ó tún un yà.

Òwúrọ̀ tún sàn fún òrí fúnra rẹ̀. Tí ooru ọ̀sán bá mú, òrí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, fọ́tò rẹ̀ á sì dà bíi ti ohun tó ti bàjẹ́. Bí ó bá fi ìka bù ú díẹ̀, kí ó fi ra ẹ̀yìn ọwọ́, kí ó ya èyí nítòsí. Oníbàárà fẹ́ rí bí ó ṣe ń ràn mọ́ ara, àti bí ó ṣe ń dán. Fọ́tò kejì ni kí ó fi ike rẹ̀ hàn, kí nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀ ṣe é kà.

Fọ́tò “kí wọ́n tó lò ó” àti “lẹ́yìn tí wọ́n lò ó” ló ń tajà jù, òun náà ni irọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ojú kan náà, aago kan náà, fèrèsé kan náà ni kí wọ́n ti ya méjèèjì, láìsí pọ́dà, láìsí fílítà, kí wọ́n sì kọ déètì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ASA, àjọ tó ń rí sí ìpolówó ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ń polówó ohun ìtọ́jú awọ kò gbọdọ̀ lo fílítà tó ń bu iyì tí ọjà náà kò ní kún un. Kí àwọn ọmọ wa tó ń ta òrí ní Lọ́ńdọ̀nù fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ló kàn. Instagram gba ẹni tó ń kọ ọ́ láyè tó lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló máa ń hàn kí “more” tó gé e. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìlà àkọ́kọ́ kí èèyàn, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa,” ohun tí oníbàárà ń wá á sì sá pamọ́ sísàlẹ̀. Obìnrin Bódìjà wa lè bẹ̀rẹ̀ báyìí:

“Ọṣẹ dúdú olórí, gíráàmù 150, ₦2,500. Ẹ bèèrè lónìí, á dé ọ̀dọ̀ yín n’Íbàdàn lọ́la.”

Ọjà, ìwọ̀n, iye owó àti ìgbà tí yóò dé ti pé síbẹ̀. Kíkọ “ẹ wá bèèrè iye owó” máa ń lé ẹni tí ojú ń tì láti bèèrè lọ. Ìsàlẹ̀ ni kí ó ti wá ṣàlàyé pé eérú, àdín àti òrí ló wà nínú rẹ̀, pé ọṣẹ dúdú lè ta ojú tàbí kí ó mú awọ gbẹ, àti pé kí ẹni tó ń lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ dán an wò ní apá fún ọjọ́ kan kí ó tó fi bọ́jú. Ìkìlọ̀ yìí kì í lé oníbàárà. Ohun tó ń lé wọn ni kí ara ta wọ́n láìsí ẹni tó ti sọ fún wọn.

“Ó ń wo rorẹ́ sàn” kò gbọdọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó bá ti ní òun ń wo àrùn ti kúrò ní ìpara, ó ti di oògùn lójú òfin, ìforúkọsílẹ̀ oògùn sì yàtọ̀. “Ó ń fọ ọ̀rá ojú kúrò” tó.

Ní ti àsìkò, ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé tábìlì aago tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe fún ara wọn. Kò lè bá Bódìjà mu. Láti ọdún 2016 ni Instagram kò ti to fọ́tò ní bí wọ́n ṣe ń wọlé tẹ̀léra mọ́, nítorí náà aago nìkan kọ́ ló ń pinnu ẹni tí yóò rí i. Síbẹ̀, ó dára kí ọjà jáde nígbà tí ojú oníbàárà wà lórí fóònù. Bí pééjì bá jẹ́ ti oníṣòwò, tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, Insights á fi ìlú tí àwọn tó ń tẹ̀lé e ń gbé hàn, yóò sì fi wákàtí tí wọ́n ń wọlé jù hàn lábẹ́ “Most active times”.

Ká ní ó rí aago méjìlá ọ̀sán àti aago mẹ́jọ alẹ́. Kí ó gbé irú ọjà kan náà síta ní ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ní alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó ka iye àwọn tó kọ̀wé wá béèrè, kì í ṣe iye àwọn tó tẹ àmì ọkàn. Má gbàgbé pé owó oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè mú kí ọ̀sẹ̀ ìparí oṣù dà bí ẹni pé aago rẹ̀ ló dára, nítorí náà kí ó dán an wò fún oṣù kejì. Ó lè ya fọ́tò láàárọ̀, kí ó sì ṣètò pé kí Instagram fúnra rẹ̀ gbé e jáde lálẹ́. Ó gbà á títí dé ọjọ́ 75 síwájú.

Àmọ́ kí ó má ṣe yan wákàtí tí kò ní lè dáhùn. Ẹni tó bèèrè ọṣẹ ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí kò rí èsì títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.