Mà, Mi Ò Ní Lè Dé Ibi Iṣẹ́ Lónìí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí àwọn ilé epo NNPC gbé owó lítà bẹntiróòlù kan dé ₦855 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, alábòójútó ni mí ní ilé ìtajà oògùn kan ní Ìkẹjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún nígbà tí aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo yọjú wò ó. Ohun tí mo rí ni: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó..." Ibẹ̀ ló dúró sí, nítorí ìlà méjì péré ni fóònù mi ń fi hàn kí n tó ṣí ọ̀rọ̀. Mo rò pé ìkíni lásán ni. Mo ju fóònù sínú báàgì, mo ń bá ìrìn mi lọ.

Aago mẹ́jọ ti kọjá kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ ìkíni yẹn. Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ ló yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ti òru ní aago méje. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ yàrá owó wà láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń dúró, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Oníbàárà mú ẹgbẹ̀rún kan náírà wá ra oògùn ibà ọmọdé, kò sí ṣéńjì tá a lè fún un. Kí ló wà nísàlẹ̀ ìkíni náà? "Mà, kò sí ọkọ̀ ní Mọ́wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Kò sọ nǹkan kan nípa kọ́kọ́rọ́. Kò sọ bóyá òun máa pẹ́ ni tàbí òun ò ní wá rárá.

Mi ò lè dá a lẹ́bi púpọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló mú kó kí mi tó bẹ́ẹ̀; ọmọ Yorùbá wo ni yóò fi ọ̀rọ̀ lu àgbà lójú láì kọ́kọ́ kí i? Àmọ́ ojú fóònù kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà" ti tó ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ gan-an sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, kó lè bọ́ sínú ìlà méjì àkọ́kọ́. Ìkíni yòókù lè wà nísàlẹ̀, tàbí kó di ìgbà tẹ́ ẹ bá fojú kan ara yín.

Ohun tí ọ̀gá ń wá nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni kí n ṣe láàárín wákàtí kan sí i? Kì í ṣe pé kò ní àánú. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ìlà epo ni, òógùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìtàn bí èrò ṣe ń ti ara wọn ní ìdíkọ̀ kò ní bá a ṣílẹ̀kùn yàrá owó. Bí ọmọbìnrin yẹn bá sọ pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun, mà á ti yà sílé mú ìkejì rẹ̀ kí n tó jáde. Bó bá sọ pé òun ò ní wá rárá, mà á ti pe ẹlòmíì. Èyí tí kò sọ nínú méjèèjì ló fi wákàtí kan ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ wá kù síbì kan tó le ju ìyẹn lọ. Nígbà tí aago mẹ́jọ ààbọ̀ lù, òṣìṣẹ́ wa mìíràn tó ń gbé Ìbàfò, lójú ọ̀nà kan náà, wọlé. Mo bi í báwo ló ṣe rí ọkọ̀. Ó ní, "Mà, ọkọ̀ wà o, owó ni." Dánfó tó máa ń gba ₦700 láti Mọ́wé dé Bẹ́gà ń pariwo ẹgbẹ̀rún méjì. Láti Bẹ́gà dé Ìkẹjà, ₦400 ti di ₦800. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ láti Mọ́wé. Àlọ jẹ́ ₦2,800, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦5,600. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún yẹn jẹ́ ₦70,000. Bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, owó ojúmọ́ rẹ̀ kò tó ₦2,700. Owó ọkọ̀ ọjọ́ kan péré ti jẹ owó ọjọ́ méjì. (Ẹ má wulẹ̀ ṣírò ti ọjọ́ tí nǹkan rọrùn, inú yín kò ní dùn.)

Nítorí náà, nígbà tó kọ ọ́ pé "kò sí ọkọ̀", ohun tó ní lọ́kàn ni pé kò sí ọkọ̀ tí agbára òun ká. Ojú ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ó sàn kéèyàn ní ọkọ̀ ò sí ju kó ní owó ò sí lọ. Àmọ́ ẹni tó ń gbé Ìbàfò ti wọlé, ọ̀rọ̀ sì ti dà bí irọ́ lójú gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ òtítọ́ rẹ̀ lágbára ju èyí tó sọ lọ. Bó bá sọ iye owó náà, mo ní ohun tí mo lè ṣe: mo lè fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, mo lè ní kó wá gba ti ọ̀sán nígbà tí owó ọkọ̀ bá ti rọ̀ díẹ̀, mo sì lè ní kó jókòó sílé. "Kò sí ọkọ̀" kò fún mi ní yíyàn kankan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi àti òun jọ jókòó, a tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Bó ṣe jáde rèé:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mi ò ní lè dé ní aago méje. Kọ́kọ́rọ́ yàrá owó wà lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú ìkejì dání. Mọ́wé ni mo wà láti aago márùn-ún; ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n ń gbà dé Bẹ́gà, ₦3,000 ló wà lọ́wọ́ mi fún àlọ àti àbọ̀. Bọ̀ọ̀dá tó wà ní kántà kejì ń gbé Ògbà, ó ní òun lè fẹsẹ̀ rìn wá gba iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i. Màá pè yín ní aago mẹ́jọ láti sọ ibi tí mo bá dé."

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò tọrọ owó, kò sì sunkún. Ó ti bá bọ̀ọ̀dá Ògbà sọ̀rọ̀ kó tó bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ó fi àṣẹ sílẹ̀ fún mi. Aago mẹ́jọ tó dá tún ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá ní "màá pe yín padà" láì dá àkókò, ọ̀gá yóò máa pè é ṣáá, yóò sì pa bátìrì rẹ̀ láàárín ìdíkọ̀.

Ní ti àsìkò, aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún ti pẹ́ jù fún iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní aago méje. Ọ̀wọ́n epo kì í sì wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú lẹ ó ti rí dánfó tó yẹ kó máa kó èrò, tó tò sórí ìlà ilé epo. Ẹ ó rí àwọn ọmọkùnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́bàá títì. Ní pàtàkì, owó tí kọ̀ńdọ́ bá gbà lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ ń relé ni ìròyìn ọ̀la. Alẹ́ yẹn ló yẹ kí ọ̀gá gbọ́ pé ó lè ṣòro lọ́la. Alẹ́ yẹn náà ló yẹ kí kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìyanṣẹ́lódì awakọ̀ tún yàtọ̀, torí wọ́n máa ń kéde rẹ̀. Nígbà tí àwọn awakọ̀ kan ní Èkó dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 nítorí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn ní ìdíkọ̀, ariwo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó bá wá kọ̀wé ní àárọ̀ ọjọ́ náà bí ẹni pé ó yà á lẹ́nu, ọ̀gá rẹ̀ yóò bi í bóyá kò ní rédíò nílé.

Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín lórí ọ̀rọ̀ "ìyanṣẹ́lódì" fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC yanṣẹ́ lódì nítorí owó oṣù tó kéré jù, ẹni tó bá kọ ọ́ pé "mi ò wá nítorí ìyanṣẹ́lódì" lè túmọ̀ sí ohun méjì: pé òun náà wà lára àwọn tó yanṣẹ́, tàbí pé kò rí bó ṣe máa dé. Òfin Nàìjíríà lórí aáwọ̀ ibi iṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá kópa nínú ìyanṣẹ́lódì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá sí lára wọn, ẹ sọ ọ́ gbangba: "Àwọn awakọ̀ ló dáwọ́ dúró, èmi ṣe tán láti ṣiṣẹ́."

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń sáré fi kún un pé àwọn yóò ṣe é láti ilé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣèlérí. Epo kan náà tó wọ́n fún dánfó ni jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìnkùlé yín ń mu. Bí iná ò bá sí, tí bátìrì kọ̀ǹpútà kò sì lè kọjá wákàtí méjì, ẹ sọ pé iṣẹ́ wákàtí méjì lẹ lè ṣe, kẹ́ ẹ sì dárúkọ iṣẹ́ náà. Ìlérí odindi ọjọ́ tó kú ní aago mọ́kànlá àárọ̀ burú ju àìwá lọ.

Owó ọjọ́ náà ńkọ́? Òfin òṣìṣẹ́ wa so ojúṣe agbanisíṣẹ́ mọ́ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fara hàn tó sì lè ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sóhun tó rọrùn láti dì mú fẹ́ni tí ọkọ̀ dá dúró sí Mọ́wé. Ohun tí mo ti rí tó ṣiṣẹ́ ni kí òṣìṣẹ́ béèrè fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọjọ́ náà nínú ìsinmi ọdọọdún òun, tàbí kóun fi ọjọ́ ìsinmi òun dí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí owó oṣù bá wọlé kó tó béèrè yóò bá akọ̀wé owó jà.

Ọmọbìnrin Mọ́wé yẹn ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá owó la gbà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì so ó mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ń tì.