Sẹ̀ Kan Bíyẹ́n: Bí A Ṣe Ń Bèèrè Iye Ọjà ní Kútọnu

Ìwé pélébé kan wà nínú àpò mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá nìkan kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é fún àwọn ènìyàn tiwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Faransé. Gbólóhùn Faransé wà lápá òsì, wọ́n sì fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ya bí wọ́n ṣe ń pè é sápá ọ̀tún. Láti Àgbádárìgì ni mo ti ń há a sórí. Nígbà tí mo dé ìdí ìyá kan tó ń ta bàtà awọ, mo tọ́ka sí bàtà kan, mo sì ka èyí tí mo há sórí sí i létí. Ìyá wò mí, ó wo bàtà, ó tún wò mí. Mo tún un kà, mo gbé ohùn sókè díẹ̀, bí ẹni pé etí ló ń dun ìyá náà. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ló gbà mí sílẹ̀. Ó sọ gbólóhùn náà fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jọ Yorùbá létí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn: "Sẹ̀ kan bíyẹ́n."

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: *C'est combien?* Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "Èló ni?" Bí a bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀ kún un, a ó fi *s'il vous plaît* tì í lẹ́yìn, ìyẹn "ẹ jọ̀ọ́". Ẹni tó bá mọ gbólóhùn kan yìí pè dáadáa lè ra omi, oúnjẹ àti bàtà, ó sì lè gun ọ̀kadà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní sẹmijan.

Ìwé mi kò purọ́. Ẹnu òyìnbó ni wọ́n kàn ṣe é fún. Gẹ̀ẹ́sì kò ní fáwẹ̀lì tó ń gba imú jáde bíi tiwa, nítorí náà wọ́n fi "m" àti "n" tó dúró gbọin-gbọin dí ibẹ̀. Wọn kì í fi "ẹ" parí ọ̀rọ̀, nítorí náà wọ́n so "y" mọ́ ọn nídìí. Èmi Yorùbá wá ń ka gbogbo ìyẹn bí mo ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń wá kiri wà lẹ́nu mi láti kékeré.

Ẹ jẹ́ ká mú un wẹ́wẹ́. Apá àkọ́kọ́, *c'est*, kò ju "sẹ̀" lọ. S àti t tó wà ní ìparí rẹ̀ kì í dún rárá. "S" lásán ni o, kì í ṣe "ṣ". Àwọn ará Ìbàdàn tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kì í pe "ṣ" kò ní ìṣòro kankan níbí yìí.

Apá kejì ni *com*. Ẹ má pa ètè dé láti pe "m" yẹn. "Kan" ni ẹ ó pè, bí a ṣe ń pè é nínú "ọ̀kan". Ẹ ó rántí pé ohùn kan náà ló wà nínú "ọ̀kan" àti "ìbọn", àṣà ìkọ̀wé wa ló ní kí a kọ "an" lẹ́yìn "k", kí a sì kọ "ọn" lẹ́yìn "b". Ohùn yẹn gan-an ni Faransé ń wá. Apá tó kẹ́yìn, *bien*, tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ pé "bí ìyẹn" kíákíá bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, tí yóò fi di "bíyẹn". Ẹ wá gé "i" inú rẹ̀ kúrú, kí "b" àti "yẹn" fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ó parí.

Ẹ lè yẹ ara yín wò. Bí ẹ bá pe "yẹn" tán, ẹ kíyè sí orí ahọ́n yín. Bí ó bá lọ kan àjà ẹnu, "n" Gẹ̀ẹ́sì lẹ pè. Bí ahọ́n bá dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀, tí ohùn sì ń gba imú jáde, ó ti bọ́ sí i. Ẹ tún fi ìka méjì fún imú yín pa bí ẹ ṣe ń pè é lọ. Ohùn náà gbọ́dọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀.

Ti ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Faransé kò ní àmì ohùn tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà bíi tiwa, ṣùgbọ́n ohùn wọn máa ń gòkè níparí bí wọ́n bá ń béèrè nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ pé "bíyẹ́n". Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ parí lókè.

Ibi tí ẹnu wa ti ń kọsẹ̀ ni "ẹ jọ̀ọ́" tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí i lórí ìwé, *s'il vous plaît*, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ńlá ni. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn tó ń sọ Faransé fúnra wọn máa ń gbé "l" àkọ́kọ́ yẹn mì. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni "sì-vu-plẹ́". Lẹ́tà méjì ló ṣòro nínú rẹ̀, nítorí pé Yorùbá kò ní wọn.

Àkọ́kọ́ ni "v". Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé "fu". Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé *fou*, tí wọ́n ń pè ní "fu", ni wọ́n ń pe ọkùnrin tí orí rẹ̀ kò pé. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín lórí rẹ̀, wọ́n á mọ ohun tí ẹ ń sọ, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ pe "f", ẹ gbé ìka lé ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ wá kùn bí oyin. Bí ọ̀fun bá ń gbọ̀n lábẹ́ ìka, "v" ni. Bí kò bá gbọ̀n, "f" ṣì ni.

Èkejì ni "p". Èyí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, torí pé a ní "p" nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ pe "pẹ̀lú". Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ètè nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìdí ahọ́n náà ń kan ẹ̀yìn àjà ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn méjì tí a pè pọ̀ ni "p" wa. Àwọn ará Kútọnu mọ̀ bẹ́ẹ̀, *kp* ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí i tí wọ́n kọ orúkọ ọjà ńlá wọn sára pátákó pé *Dantokpa*, èyí tí a ò bá fi "p" kan ṣoṣo kọ. "P" tó wà nínú *plaît* kò ní "k" yẹn nínú. Ẹ pa ètè dé bí ẹni fẹ́ pe "b", kí ẹ sì tú u sílẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nìkan, láìjẹ́ kí ọ̀fun dá sí i. Ẹni tó bá ń pe "sì-vu-kplẹ́" ni wọ́n máa ń mọ̀ kíá pé ìlú Èkó ló ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àmì orí lẹ́tà, nítorí pé ó ń tan àwa Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ẹ bá rí *é* lára pátákó ní Kútọnu, ẹ má gbé ohùn sókè. "E" wa lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. *È* ni "ẹ" wa. Wọn kò ní kínní kan fi ṣe pẹ̀lú ohùn òkè tàbí ìsàlẹ̀. Fìlà orí *î* inú *plaît* kò tilẹ̀ yí ohunkóhun padà: *ai* ni, "ẹ" ni wọ́n sì ń pè é.

Ẹ ti wá béèrè. Ìdáhùn ló kù, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù jù. Ìyá oníbàtà mi dáhùn, mo gbọ́ "dù mil". *Mille*, tí wọ́n ń pè ní "mil", ni ẹgbẹ̀rún. Mo mọ̀ pé *deux* ni méjì, mo sì na 2,000 sefa sí i. Ìyá àti ọmọ bú sẹ́rìn-ín. *Douze mille* ló sọ, ìyẹn 12,000. Nínú ìpè, "z" kan ló wà láàárín wọn tí etí mi kò kà sí, torí pé Yorùbá kò ní in.

Ọ̀nà tí mo fi ń dá wọn mọ̀ báyìí nìyí. Bí mo bá gbọ́ "du" tó mọ́ kedere bí "u" wa, tí kínní kan sì ń kùn bí eṣinṣin ṣáájú "mil", 12,000 ni. Bí mo bá gbọ́ "di mil" láìsí kíkùn kankan, *dix mille* ni, 10,000. *Deux* fúnra rẹ̀ kò ní lẹ́tà Yorùbá tó bá a mu. Ẹ pe "de", ẹ di "e" yẹn mú, kí ẹ wá ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ pe "o" láìjẹ́ kí ahọ́n kúrò níbi tó wà. Ohùn tó bá jáde, òun ni. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ṣáájú "mil", 2,000 ni wọ́n ń wí.

Kí n sọ òótọ́, etí mi ṣì ń ṣì í gbọ́ nígbà mìíràn bí ariwo ọjà bá pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń ṣí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù mi, màá nà án sí ẹni tó ń tajà, òun fúnra rẹ̀ á sì tẹ iye tó fẹ́ gbà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Owó ìwé 2,000 sefa wà, ti 10,000 náà wà, òun ló sì tóbi jù nínú owó wọn. Ẹ má nawọ́ èyíkéyìí nínú wọn kí ẹ tó rí nọ́ńbà.

Ó ku nǹkan kan tí ìwé pélébé mi kò sọ. Kò dáa kí ènìyàn dé ìdí ọjà, kó sì la ẹnu bèèrè iye owó láìkí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn: *Bonjour*. "Bọn" inú "ìbọn" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e dà bí "ṣ" tí a mú kí ọ̀fun gbọ̀n sí, bí a ṣe ṣe "f" tó fi di "v". "R" ìparí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dún. Bí "j" tiwa ló bá jáde lẹ́nu yín, wọ́n á gbọ́ yín, wọ́n á sì dá yín lóhùn.

Bí ọkọ̀ yín bá sì kọ́kọ́ yà sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní *Porto-Novo*, ẹ má tíì lo gbogbo èyí. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé "Èló ni?" Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi Yorùbá dá yín lóhùn.