Híhó Tí Kì Í Gbẹ

Ẹ́tíìlì asẹ́téètì, èròjà olóòórùn dídùn tó máa ń wà nínú ohun tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná, ń hó ní nǹkan bíi 77 °C. Ẹtánọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń ṣe é ń hó ní 78 °C. Iṣẹ́ náà kì í yá láìsí ooru, bẹ́ẹ̀ ooru yẹn gan-an ló fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di oru tó fò lọ.

Kọ́ńdẹ́ńsà ló ń gbà wọ́n. Ọ̀pá gíláàsì ni, omi tútù ń ṣàn yí i ká nínú gíláàsì kejì. Oru kàn án bó ṣe ń kan ìdérí ìkòkò, ó sì kán padà. Liebig ni wọ́n fi sọ orúkọ èyí tó wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n Weigel ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1771.

Ẹni tó wọ awò ìdáàbòbò yóò da mílílítà 20 ẹtánọ́ọ̀lù àti 20 ásíìdì asẹ́tíìkì sínú ìgò onídìí roboto tó gba 100. Kò gbọdọ̀ ju ìdajì lọ. Yóò wá máa kán ásíìdì sọ́fúríìkì díẹ̀ sí i, yóò sì máa mì í jẹ́jẹ́.

Kí ooru tó dé ni èérún amọ̀ sísun méjì tàbí mẹ́ta ti gbọ́dọ̀ wọ inú ìgò. Gíláàsì tó mọ́ tónítóní kì í fún ìfóófòó níbi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ohun inú rẹ̀ lè gbóná kọjá ibi tó yẹ kó ti hó, kó dákẹ́, kó wá ta gììrì lẹ́ẹ̀kan náà wọ inú kọ́ńdẹ́ńsà. Afẹ́fẹ́ inú ihò èérún náà ni ìfóófòó ti ń jáde. Ẹni tó gbàgbé rẹ̀, tó wá jù ú sínú èyí tó ti gbóná, òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìtagììrì náà.

Mántù oníná mànàmáná ni ìgò náà jókòó sí, nítorí iná tó ń jó lè ràn mọ́ oru ẹtánọ́ọ̀lù. Jáàkì kékeré ló gbé mántù, kí wọ́n lè tètè fà á wálẹ̀. Omi ń gba ìsàlẹ̀ kọ́ńdẹ́ńsà wọlé, ó ń gba òkè jáde. Bí wọ́n bá yí i padà, kò ní kún.

Ẹnu òkè kọ́ńdẹ́ńsà wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá dí i kí òórùn má bàa jáde ti ṣe bọ́ǹbù, torí afẹ́fẹ́ àti oru tó ń gbóná kò ríbi gbà.

Ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ń sọnù. Ibi tí oru ti ń di omi máa ń hàn bí òrùka tútù lára gíláàsì, ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Bó bá ń gòkè, kí wọ́n dín iná kù. Bí òórùn bá gba yàrá, tí ohun inú ìgò sì ń fà sílẹ̀, ó lè jẹ́ oríkèé gíláàsì ló yọ, tàbí kí omi ẹ̀rọ ti dá. Níbi tí omi kì í dúró, àwọn kan máa ń fi páǹpù kékeré yí omi yìnyín po láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á pa iná, wọ́n á fa mántù wálẹ̀, torí kì í tètè tutù, wọ́n á sì jẹ́ kí omi máa ṣàn títí kíkán yóò fi dá. Bí wọ́n bá tún fẹ́ gbé e kaná, èérún tuntun ni kí wọ́n fi sí i: ihò ti àtijọ́ ti mu omi.