Kí Ẹ Tó Sanwó Síkíríìnì Fóònù Tó Ń Tẹ Ara Rẹ̀

Aránṣọ kan ní Ìbàdàn rí i pé fóònù òun ń ṣí áàpù fúnra rẹ̀, ó sì ń pe oníbàárà tí kò sẹ́ni tó ní kó pè. Ẹni tó máa ń bá a tún fóònù ṣe wò ó fìrí, ó ní síkíríìnì ti lọ, kó wá owó òmíràn. Irú ìdájọ́ yìí máa ń tètè jáde lẹ́nu wọn. Àmọ́ fóònù fúnra rẹ̀ lè sọ fún ẹni tó ni ín ibi tó ti ń dùn ún, láìgba kọ́bọ̀.

Lábẹ́ gíláàsì ojú fóònù, àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí wọ́n tò sí ìbú àti òró, iná mànàmáná díẹ̀ sì ń gbà wọ́n kọjá. Tí ìka bá kan ojú fóònù, iná ibẹ̀ á yí padà, fóònù á sì ṣírò ibi tí ìka wà. Ohunkóhun tó bá da iná yìí láàmú lè dà bí ìka lójú fóònù: omi, òógùn, tàbí ṣájà tí iná rẹ̀ kò mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú fóònù, ẹ yọ síkíríìnì gáàdì tó bá ti gbé sókè tàbí tí eruku ti wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pa fóònù kí ẹ tún un tàn.

Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wọ Settings lórí fóònù Áńdíróìdì, ẹ ṣí About phone, kí ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀meje. Lórí àwọn fóònù kan, inú Software information ló wà. Èyí ló máa mú Developer options jáde, inú System ló sì sábà máa ń wà. Ẹ wá Pointer location níbẹ̀, kí ẹ tàn án. Ìlà ọ̀rọ̀ kékeré á yọ lókè síkíríìnì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn lẹ́tà P níbẹ̀ ni iye ìka tí fóònù gbà pé ó wà lójú òun. Bí ọwọ́ kankan kò bá kàn án, 0 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Aránṣọ wa gbé fóònù sórí tábìlì láìfọwọ́ kàn án. P dúró sórí 0. Ó ki ṣájà bọ̀ ọ́, P bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí 1, sí 3, ìlà sì ń fa ara wọn kiri ojú fóònù. Ó yá ṣájà aládùúgbò, ó lò ó lójú iná kan náà, P padà sí 0, kò sì kúrò níbẹ̀. Ṣájà ló yẹ kó rà. Ẹni tí kò bá rí ṣájà yá lè fi páwà báǹkì dán an wò.

Tí P bá ń fò láìsí ṣájà, ẹ wo áàpù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìpafóònù mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ Power off lórí síkíríìnì pẹ́ títí tí yóò fi béèrè bóyá ẹ fẹ́ wọ Safe mode. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ń ṣe é báyìí. Níbẹ̀, áàpù tí ẹ fọwọ́ ara yín kó sórí rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Bí wàhálà bá dáwọ́ dúró, ọ̀kan nínú wọn ló ń fà á. Ẹ kọ́kọ́ fura sí èyí tó máa ń léfòó sórí àwọn áàpù yòókù, torí ó lè bo apá kan ojú fóònù láìjẹ́ kí ẹ rí i, kí ibẹ̀ sì dà bíi pé ó kú. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tún fóònù tàn.

Ní ti ibi tí kò gbọ́ tẹ́ẹ̀, ẹ rọra fi ìka fa ìlà láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ti kú, ìlà á dúró níbẹ̀ bí ìka tilẹ̀ ń lọ. Ẹ sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ tan Auto-rotate, kí ẹ wá dá fóònù bùú kí àwòrán ojú rẹ̀ yí. Bí ibi tó kú bá bá àwòrán yí kúrò níbi tó wà, sọ́fítíwíà ni. Bó bá dúró sójú kan náà lára gíláàsì, tó sì rí bẹ́ẹ̀ nínú Safe mode, ara fóònù ló ti bàjẹ́. Bí ẹ̀yìn fóònù bá wú, ẹ má dán nǹkan kan wò mọ́, ẹ má sì fi sójú iná: bátìrì ló ń ti síkíríìnì, ó sì léwu.

Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ kó àwòrán àti nọ́ńbà yín pamọ́, kí ẹ sì jáde nínú áàpù báǹkì, torí fóònù tó ń tẹ ara rẹ̀ lè tẹ ohun tí ẹ kò fẹ́. Bí ibi tó kú kò bá ti kúrò lójú kan, ẹ má sanwó fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ kó sọ́fítíwíà tuntun sí i. Ẹ ní kó kọ́kọ́ tú okùn síkíríìnì, kó tún un kì bọlẹ̀ dáadáa. Bó bá sì di dandan kó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó so tuntun mọ́ fóònù kó tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí ẹ tan Pointer location, kí ẹ fa ìlà yín dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.