Mìlímítà Méje Tó Sọnù Lára Ọmọ Ọdún Méjì

Ìyá kan jókòó tì mí ní kílíníìkì àwọn ọmọdé, ó na káàdì ọmọ rẹ̀ sí mi. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Nígbà tí ọmọkùnrin náà pé oṣù 23, wọ́n kọ sẹ̀ǹtímítà 86.9 sílẹ̀ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó pé ọdún 2 gééré, 87.1 ni nọ́ọ̀sì kọ. "Ẹ bá mi wò ó," ló wí. "Mìlímítà méjì péré ló fi dàgbà láti oṣù tó kọjá. Bíi mẹ́sàn-án ló máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àbí oúnjẹ tí mò ń fún un ni kò tó?" Ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ abẹ́ àga lọ, ó ń fi ṣíbí lu agolo mílíìkì.

Oúnjẹ kò lẹ́jọ́ níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, wọ́n tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tó pé ọdún méjì, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èdè wa pàápàá ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀: igi tó dúró nínú oko ga, ṣùgbọ́n bí a bá gé e lulẹ̀, gígùn rẹ̀ la ó máa wọ̀n. Gígùn ni wọ́n wọ̀n lára ọmọ yìí lákọ̀ọ́kọ́, gíga ni wọ́n wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, ẹnikẹ́ni tó bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì yóò rí ohun tó lè já a láyà.

Kí ló dé tí wọn kì í fi ọ̀nà kan ṣoṣo wọn gbogbo ọmọ? Ọmọ ọwọ́ kò lè dúró, ìyẹn hàn sí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀ tó ti ń rìn ńkọ́? Ẹ gbé e dúró ti ògiri kí ẹ sì wò ó dáadáa. Yóò ya ẹsẹ̀, yóò tẹ orúnkún díẹ̀, yóò ti ikùn síwájú, yóò sì máa na ọwọ́ sí ìró ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta, èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó rí. Lórí pátákó tí a tẹ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn lè bá a na ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí á máa tẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 sílẹ̀, kí á sì máa wọn èyí tó ti pé ọdún 2 ní ìdúró.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni wíwọn ọmọ tó wà ní ìdùbúlẹ̀. Pátákó náà ní igi kan tí kì í yẹ̀ níbi orí, ó sì ní òmíràn tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ níbi ẹsẹ̀. Wọn yóò bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ. Bí irun rẹ̀ bá jẹ́ ṣùkú tó yọ sókè, wọn yóò tú u, nítorí irun á dá orí dúró kí ó má kan igi. Ẹnìkan, tó sábà máa ń jẹ́ ìyá, yóò dúró lẹ́yìn pátákó, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ mú kí àtàrí rẹ̀ kan igi, kí ojú rẹ̀ sì kọ sí àjà gán-an. Nọ́ọ̀sì yóò fi ọwọ́ kan tẹ orúnkún méjèèjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹsẹ̀ lè nà, yóò sì fi ọwọ́ kejì ti igi ẹsẹ̀ títí yóò fi kan àtẹ́lẹsẹ̀, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yóò kọjú sókè. Kíá ni yóò kà á, kí ọmọ tó ta ẹsẹ̀. Ọmọ tuntun jòjòló ni kí á ṣọ́ra fún jù: ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ká bó ṣe ká nínú ilé ọmọ, kò gbọdọ̀ sí agbára níbẹ̀ rárá.

Ní ti ọmọ tó dúró, kò sí ẹni tó ń bá a fa ara nà bẹ́ẹ̀. Gìgísẹ̀, ìdí, èjìká àti ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni yóò kan pátákó, ojú rẹ̀ yóò wo ọ̀kánkán, igi òkè yóò sì wá tẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kékeré nìyẹn jẹ́ nínú ìyàtọ̀ náà, èyí tó jù wà nínú ẹ̀yìn. Ọ̀pá ẹ̀yìn wa kì í ṣe egungun kan ṣoṣo. Egungun kéékèèké tó to léra ni, kerekere tó lómi nínú sì wà láàárín wọn bíi tìmùtìmù. Bí èèyàn bá dúró, ìwúwo orí àti àyà yóò tẹ tìmùtìmù wọ̀nyí, ẹ̀yìn yóò sì tẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí a bá dùbúlẹ̀, wọn a wú padà. Àgbàlagbà náà kò yọ sílẹ̀: bí a bá wọ̀n ọ́n ní kété tó jí, tí a tún wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́, ó lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan kúrú sí i.

Báwo ló ṣe tó lára ọmọdé? Láàárín ọdún 1997 sí 2003, àjọ yẹn ṣe ìwádìí ńlá kan ní ìlú mẹ́fà: Accra ní Gánà, Pelotas ní Bràsíìlì, Delhi ní Íńdíà, Oslo ní Nọ́wè, Muscat ní Oman, àti Davis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú àwọn ọmọ oṣù 18 sí 30, wọ́n wọ̀n wọ́n lọ́nà méjèèjì. Ní ìpíndọ́gba, sẹ̀ǹtímítà 0.7 ni gígùn fi ju gíga lọ, ìyẹn mìlímítà méje. Ìyẹn ló fà á tí ìlà inú àtẹ ìdàgbàsókè tí wọ́n gbé jáde ní 2006 fi já wálẹ̀ ní ọdún 2: ọmọkùnrin tó wà láàárín gbùngbùn yóò gùn ní 87.8 bó bá dùbúlẹ̀, yóò sì ga ní 87.1 bó bá dúró, lọ́jọ́ kan náà.

Bí ọmọ tó yẹ kó dùbúlẹ̀ bá kọ̀ jálẹ̀, kí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n ní ìdúró, kó sì fi 0.7 kún un. Bí ọmọ tó ti ju ọdún 2 kò bá lè dúró, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó sì yọ 0.7. Mo ti rí àwọn tó fojú kéré àtúnṣe yìí, ó sì ń dùn mí, nítorí ọmọ lè bọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin ọlọ́dún 2 gééré. Bí gíga rẹ̀ bá kéré sí 79.3, àtẹ yóò ní kò ga tó ọjọ́ orí rẹ̀, a ó sì ní láti tọpa ohun tó ń jẹ àti àìsàn tó ń ṣe é. Ká ní wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí wọ́n rí 79.7, tí wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí ibi tí a ń kọ gíga sí. Àtẹ yóò ní kò séwu. Yọ 0.7, ó di 79.0, ọmọ náà sì ti wà lábẹ́ ìlà. Ẹ yí i padà fún ọmọbìnrin oṣù 23, tí ìlà tirẹ̀ wà ní 79.2: wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìdúró, wọ́n rí 78.9, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ wí lásán. Fi 0.7 kún un, 79.6 ni, ó ti kọjá ìlà.

Àmọ́ ìpíndọ́gba ni 0.7. Ọmọ mìíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn kò ní tó o, nítorí náà àtúnṣe kò lè rọ́pò wíwọn ọmọ bó ṣe yẹ. Kò sì lè gba téèpù là, tí wọ́n bá fi lé orí bẹ́ẹ̀dì tó rì, tí wọ́n ń fojú díwọ̀n ibi tí gìgísẹ̀ parí sí. Àṣìṣe ìyẹn lè ju mìlímítà méje lọ fíìfíì.

Mo ní kí nọ́ọ̀sì bá wa tẹ́ ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. A gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó figbe ta, ìyá rẹ̀ di orí rẹ̀ mú. 87.7 ni. Mìlímítà mẹ́jọ ló ti fi dàgbà láti oṣù tó kọjá. Nọ́ọ̀sì mú káàdì, ó kọ "ìdùbúlẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ 86.9, ó kọ "ìdúró" sí ẹ̀gbẹ́ 87.1, ó sì dá ṣíbí padà fún ọmọ.