Ojú Ènìyàn àti Ojú Kọ̀ǹpútà Lórí Fọ́ọ̀mù Tí A Fi Bíró Kún

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó bá ń gba ọmọ ẹgbẹ́ láti ọ̀nà jíjìn mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹni tó fẹ́ wọlé á fi bíró kún fọ́ọ̀mù, á fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Akọ̀wé ni yóò wo àwòrán náà tí yóò to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àkọlé àyè kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n kọ sí i. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí àwọn akọ̀wé ń gbà ṣe é. Àwọn kan á fi ojú ara wọn kà á, wọn á sì máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn á gbé àwòrán náà fún Tesseract, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwé inú àwòrán, èyí tí ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard bẹ̀rẹ̀ ní 1985, tí wọ́n sì sọ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé ní 2005. Mo ti lo méjèèjì, mi ò sì gbà pé wọ́n dọ́gba.

Kí á mú fọ́ọ̀mù kan tí a hùmọ̀ fún àpẹẹrẹ. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi tẹ àwọn àkọlé rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ní ORÚKỌ ÌDÍLÉ, wọ́n kọ Adesina sí i. Ní apá ọ̀tún ìlà kan náà ni ORÚKỌ MÌÍRÀN wà, wọ́n kọ Bukola. Lábẹ́ rẹ̀ ni ỌJỌ́ ÌBÍ, 07/03/1984, àti àpótí kékeré méjì fún AKỌ àti ABO, tí wọ́n fi máàkì sí ti ABO. Lẹ́yìn náà ni NỌ́ŃBÀ ÀKÁǸTÌ, 0000014579. Ní ìsàlẹ̀ ni ÀDÍRẸ́SÌ wà, àti ÌBÁTAN TÓ SÚN MỌ́ Ọ JÙ, tí wọn kò kọ ohunkóhun sí. Bí a bá fún Tesseract ní àṣẹ yìí:

```
tesseract foomu.jpg esi -l yor+eng --psm 6
```

tí àwòrán náà mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ sì gún régé, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú irú èsì tí a lè rí nìyí:

```
ORÚKỌ ÌDÍLÉ Adesina ORÚKỌ MÌÍRÀN Bukola
ỌJỌ́ ÌBÍ 01/03/1984 AKỌ ABO |V
NỌ́ŃBÀ ÀKÁǸTÌ 0000074579
```

Ẹni tó bá wò ó fìrí á rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Iye 6 tó wà níwájú `--psm` ń sọ fún ètò náà pé kí ó ka gbogbo ojú ìwé bí ẹni pé odindi ọ̀rọ̀ kan ni, láti òsì sí ọ̀tún. Ó ka àkọlé, ó ka orúkọ, ó ka àkọlé mìíràn, ó ka orúkọ mìíràn, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ìbéèrè yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ìdáhùn. Ojú ènìyàn kì í ní ìṣòro yìí. Ó rí i pé lẹ́tà ńlá dúdú ni wọ́n fi tẹ àkọlé, pé bíró aláró ni ìdáhùn, pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ya apá òsì kúrò lára apá ọ̀tún. Kí ó tó ka lẹ́tà kan ṣoṣo ló ti mọ ìdáhùn tó jẹ́ ti àkọlé kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà wà tí a lè gbà ran kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Bí a bá fi `--psm 11` rọ́pò, tí a sì fi `tsv` sí ìparí àṣẹ náà, Tesseract á máa wá ọ̀rọ̀ níbikíbi tó bá wà, á sì kọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀: bó ṣe jìnnà tó sí etí òsì àti sí òkè àwòrán, bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó. Ó tún máa ń fi iye kan hàn, láti 0 dé 100, tó ń sọ bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe tó nínú ohun tó kà. Pẹ̀lú èyí, a lè ṣe òfin pé ọ̀rọ̀ tó bá wà ní ọ̀tún àkọlé, tí gíga wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara mu, òun ni ìdáhùn àkọlé náà. Òfin yìí dára títí a ó fi bá fọ́ọ̀mù tí àkọlé rẹ̀ wà lábẹ́ ìlà pàdé, bí ibi ìfọwọ́sí ṣe sábà máa ń rí. Níbẹ̀, bí a bá yí òfin wa padà kó máa wá ìdáhùn sí ìsàlẹ̀ àkọlé, gbogbo ìdáhùn á yẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan: ọjọ́ ìbí á bọ́ sí orúkọ, iṣẹ́ á bọ́ sí ọjọ́ ìbí. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn: ìdáhùn àkọ́kọ́ kò ní àkọlé, àkọlé tó kẹ́yìn kò sì ní ìdáhùn.

Bí àwòrán ṣe rí náà ń kó ipa. Àwọn tó ṣe Tesseract dámọ̀ràn ìwọ̀n píksẹ́lì 300 fún ínǹṣì kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bí píksẹ́lì 2480 ní fífẹ̀ àti 3508 ní gíga fún ojú ìwé A4. WhatsApp máa ń dín àwòrán kù bí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò. Bí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, ó máa ń dé bó ṣe wà. Òjìji ọwọ́ tó ṣubú lu ìwé náà a máa da kọ̀ǹpútà láàmú ju bó ṣe ń da ènìyàn láàmú lọ.

Ẹ wá padà sí èsì wa lókè. Ètò náà ka 7 ọjọ́ ìbí sí 1, ó sì ka 1 inú nọ́ńbà àkáǹtì sí 7. Àṣìṣe kọ̀ǹpútà sábà máa ń rí báyìí: ìrísí ló ń ṣì í lọ́nà. Kì í fo ìlà nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ènìyàn kì í sábà ṣi irú èyí, nítorí pé ó ń ka ọwọ́ ẹnì kan náà káàkiri ojú ìwé. Bí 7 tó wà nínú nọ́ńbà àkáǹtì bá ní ìlà kékeré láàárín, tí 1 rẹ̀ kò ní, ẹni tó ń kà á á fi èyí yanjú ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní àṣìṣe tirẹ̀. Láàárín ìgbà tí ojú bá kúrò lára àwòrán tí ọwọ́ sì dé orí bọ́tìnnì, ẹyọ méjì a máa pààrọ̀ àyè: 14 á di 41.

Ibí ni ìyàtọ̀ wọn ti wọ mí lára jù. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ní Nàìjíríà jẹ́ ẹyọ 10, ìlànà Báǹkì Àpapọ̀ sì ni pé ẹyọ tó kẹ́yìn jẹ́ ẹyọ àyẹ̀wò. Ká ní kóòdù báǹkì inú àpẹẹrẹ wa jẹ́ 011. Ẹ fi ẹyọ 9 àkọ́kọ́ inú nọ́ńbà náà tẹ̀lé e, ẹ ó ní 011000001457. Ẹ wá sọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 3, 7, 3, kí ẹ máa tún 3, 7, 3 náà bẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Òdo kò mú nǹkan wá, nítorí náà ohun tó kù ni 7, 3, 3, 12, 35 àti 21. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 81. Ẹyọ tó gbẹ̀yìn 81 ni 1; ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 10, ó ku 9. Bó bá jẹ́ òdo ló gbẹ̀yìn àròpọ̀, òdo náà ni ẹyọ àyẹ̀wò. Nọ́ńbà wa sì parí sí 9 lóòótọ́.

Ẹ dán ti kọ̀ǹpútà wò, 0000074579. Èyí tó jẹ́ 3 di 21, àròpọ̀ di 99, ẹyọ àyẹ̀wò sì yẹ kó jẹ́ 1. Kò bá 9 mu, àṣìṣe náà tú síta. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá yí padà, ibikíbi tí ì báà jẹ́, ìṣírò yìí á mú un. Ẹ wá dán ti ènìyàn wò, 0000041579. Ìlọ́po 3 ló wà fún àyè méjèèjì tó pààrọ̀, nítorí náà àròpọ̀ ṣì jẹ́ 81, ẹyọ àyẹ̀wò ṣì jẹ́ 9. Àṣìṣe náà gba iwájú ẹ̀ṣọ́ kọjá láìsí ẹni tó bi í léèrè. Ohun tó lè mú un ni kí ẹni méjì tẹ fọ́ọ̀mù kan náà láìwo ti ara wọn, kí a wá fi méjèèjì wéra. Tàbí kí a wo orúkọ tí báǹkì ń gbé jáde kí owó tó lọ, kí a sì fi wé orúkọ orí fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ ìbí ní tirẹ̀ kò ní ẹyọ àyẹ̀wò kankan. 01/03/1984 àti 07/03/1984 dá ṣáká bákan náà, kò sí ìṣírò tó lè yà wọ́n.

Ní ti orúkọ, ewu ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Adesina ni ẹni náà kọ, láìsí àmì ohùn. Akọ̀wé tó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè fi àmì sí i láìronú, ó sì lè sọ Bukola di Bùkọ́lá, nítorí pé ó mọ orúkọ náà. Kọ̀ǹpútà lè ṣe ohun kan náà láìmọ nǹkan kan, bí ẹ̀kán bíró bá bọ́ sábẹ́ o. Ohun tí wọ́n kọ ni kí á kọ. Orúkọ tó wà nínú ìwé báǹkì rẹ̀ lè má ní àmì, ìyàtọ̀ yẹn sì lè dá owó dúró.

Àyè òfìfo ni kọ̀ǹpútà kò lè ṣe rárá. Nínú èsì rẹ̀, ÌBÁTAN TÓ SÚN MỌ́ Ọ JÙ á kàn jáde láìsí ohun tó tẹ̀lé e, bákan náà ni àyè tí omi ti nù bíró rẹ̀ á ṣe jáde, bákan náà sì ni èyí tí ètò náà kùnà láti kà. Akọ̀wé ní láti ya mẹ́ta sọ́tọ̀: «wọn kò kọ nǹkan kan», «wọ́n kọ nǹkan, kò ṣeé kà», àti ìlà tí wọ́n dìídì fà láti fi sọ pé kò kàn wọ́n. Ti àkọ́kọ́, a ó pe ẹni náà kó wá kún un. Ti ìkejì, a ó ní kó tún àwòrán yà. Ti ìkẹta, a ò ní yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìdájọ́ mi dúró lórí ohun kan. Ohun tí Tesseract mọ̀ ọ́n kà jù ni lẹ́tà tí a tẹ̀, ìyẹn àkọlé. Àkọlé kò sì yí padà láti fọ́ọ̀mù kan sí èkejì; ẹ̀ẹ̀kan ni ẹgbẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tán. Ohun tó ń yí padà lójoojúmọ́ ni ọwọ́ tí àwọn ènìyàn kọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ètò náà ti rọ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tẹ ìdáhùn sínú fọ́ọ̀mù, tàbí tí fọ́ọ̀mù bá jẹ́ oríṣiríṣi tí àkọlé wọn kò bára mu, ẹ gbé e fún kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù kan náà tí ọmọ ẹgbẹ́ fi bíró kún, ẹ fi akọ̀wé méjì sídìí rẹ̀, kí ẹ sì ṣe ìṣírò ẹyọ àyẹ̀wò fún gbogbo nọ́ńbà àkáǹtì kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.